Omi Àdúrà Nínú Yanrìn Kéèkì

Ófìnì oníná kan wà nílé wa ní Òkokomaìkò tí kò tíì yan ohunkóhun rí. Ọkọ mi, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ọjà Àlàbá, ló gbé e wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Ó ní ó ti sú ẹni tó ni ín, pé ó ní kí òun máa gbé e lọ, òun sì ti tún un ṣe, kí n wá fi ṣe iṣẹ́ kéèkì tí mo ti ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo dúpẹ́. Mo tilẹ̀ jó díẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni tiransifọ́mà àdúgbò wa bú gbàù, tí iná wa sì di àlejò tó ń yọjú lójú fèrèsé tí kì í wọlé jókòó. Jẹnẹ́ kékeré tí a ní, gílóòbù àti fáànù ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹ bá mi gbé ófìnì sí i, ẹ óò gbọ́ igbe rẹ̀. Bí ófìnì ṣe di kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn. Inú rẹ̀ ni mo ń kó àwo ìjẹun sí, ọmọbìnrin mi sì ń kó bàtà ọmọ lángidi rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kéèkì kò dúró de iná. Inú ìkòkò ni mo ti ń yan án, lórí gáàsì kékeré, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yá ilé gbé ní Ìbà ni oníbàárà mi, wọn kò sì tíì béèrè rí bóyá ófìnì ni mo lò tàbí orí àpáta. Iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń lò. Màá da iyọ̀ sí ìdí ìkòkò, màá jẹ́ kó gbóná dáadáa, màá wá gbé abọ́ kéèkì lé e. Ó ń yan án lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá iyọ̀ náà gba omi inú afẹ́fẹ́, ó sì jẹ ìdí ìkòkò mi lu títí mo fi ń rí iná gáàsì láti inú. Mo sunkún ìkòkò yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti yí sí yanrìn. Yanrìn kì í jẹ ìkòkò, kì í sì í tán. Bó bá ti tutù, ẹ dà á padà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó di ìgbà mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo yanrìn náà ni. Ti etí omi ní Òjó lọ́hùn-ún, iyọ̀ àti ìkarahun ló kún inú rẹ̀, n kì í fọwọ́ kàn án. Yanrìn ìkọ́lé ni mo ń wá, èyí tí kò tíì rí sìmẹ́ǹtì. Bíríkìlà tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló fún mi lákọ̀ọ́kọ́. Ó wo ike tí mo gbé dání, ó wo ojú mi.

“Màdáámù, ẹ̀yin náà fẹ́ kọ́lé ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, inú ìkòkò ni màá kọ́ ọ sí.”

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ṣọ́bìrì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti ọ̀sẹ̀ tí ìyá ọkọ mi wá kí wa. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti wá. Ìyá àdúrà ni wọ́n nínú ìjọ aláṣọ funfun, ẹni tí kì í wọ bàtà tí wọ́n bá ti wọ sùtánà, tí ìgò omi àdúrà kì í sì í jìnnà sí ìrọ̀rí wọn. Èmi ní tèmi, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí mi ní ẹkùn Ọ̀yọ́, mo kàn bá ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, màámi, ìyá ọkọ mi yìí, kò sọ pé rárá, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn máa gbàdúrà sí i. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé wọ́n ṣì wà lórí àdúrà náà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọn kì í jẹ oúnjẹ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni mo ti ń wọ ilé ìdáná bí ẹni tó ń dáná fọ́ba. Mo dín adìyẹ, ó gbẹ, ó pọ́n, ó ń ró kàù lẹ́nu. Mo gbé e kalẹ̀ fún wọn. Wọ́n súre fún mi, wọ́n bo abọ́ náà padà, wọ́n ní, “O ṣeun, ìyàwó mi. Inú mi kò gbà á ni.” Ọjọ́ kejì, ẹja díndín àti dòdò. “Inú mi kò gbà á.” Tó bá di ọ̀sán, wọn á gbé ìkòkò kékeré kan tí wọ́n mú wá láti ilé lọ sẹ́yìnkùlé, wọn á dáná tiwọn, wọn á wọ yàrá, wọn á kọjú sí ògiri, wọn á jẹun. Bí a bá sọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, etí ìborùn ni wọ́n fi ń bo ẹnu.

Mo pe ọkọ mi sí kọ̀rọ̀. “Bàbá wọn, ṣé màámi rò pé mo fẹ́ fi nǹkan sínú oúnjẹ fún wọn ni?”

“Háà, rárá o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Fi wọ́n sílẹ̀.”

Àwọn ọkùnrin á sọ pé ká fi í sílẹ̀, wọn á sì gba Àlàbá lọ. Èmi ni mo ń gbé abọ́ oúnjẹ padà sílé ìdáná. N kò ní parọ́, inú bí mi gan-an. Mo ń fọ abọ́ náà tagbáratagbára, mo sì ń bá kànìnkànìn jà. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìyàwó náà ló kọ̀, ohun tí mo gbà nìyẹn.

Àwọn ọmọ màámi ti fẹnu kò pé wọ́n ti pé àádọ́rin ọdún. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà ìkórè ni wọ́n sọ pé wọ́n bí wọn, nítorí náà wọ́n mú ọjọ́ Sátidé kan fún wọn. Wọn kò ṣe ọjọ́ ìbí rí láyé wọn. Mo pinnu pé màá yan kéèkì fún wọn, kéèkì gidi, tó ní bọ́tà dáadáa, nígbà tí gbogbo ilé bá sì pé jọ ní ìrọ̀lẹ́, màá gé ti wọn fún wọn lójú gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Bí wọ́n bá tún ní inú àwọn kò gbà á, á jẹ́ pé mo mọ ibi tí mo dúró lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo gbé lé kéèkì yẹn lórí nìyẹn, ó sì wúwo ju yanrìn lọ.

N kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo ti kìlọ̀ fún ọmọbìnrin mi pé kò gbọdọ̀ sọ fún màmá àgbà. Ẹ wá wo ohun tí ìyá àdúrà kan rí nílé ìyàwó ọmọ rẹ̀: ìyàwó jí, ó ń fi asẹ́ sẹ yanrìn lẹ́yìn ilé. Ìyàwó ń fọ yanrìn nínú báàfù, ó ń da omi rẹ̀ nù, ó ń fọ̀ ọ́ padà. Ó sá a sórí páànù nínú oòrùn, ó ń lé adìyẹ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí màámi jáde síta, ìyàwó sáré fi àpò bò ó.

“Ìyàwó, kí lo fẹ́ fi yanrìn ṣe?”

“Kò sí nǹkan o, màámi. Mo kàn ń fọ̀ ọ́ ni.”

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ìdáhùn. Ta ló ń fọ yanrìn lásán láyé yìí? Màámi wò mí, wọ́n wo páànù, wọ́n rọra padà sínú ilé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mo sì rí i lójú wọn pé wọ́n ti ń ka nǹkan.

Ọ̀sán Sátidé ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti lọ ra bọ́tà àti ẹyin ní Ìyànà Ìbà láàárọ̀. Mo gbé ìkòkò dúdú mi, èyí tó nípọn nídìí, tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún kéèkì nìkan nítorí pé ìkòkò tó bá ti gbé yanrìn kò tún gbọdọ̀ rí ọbẹ̀ mọ́. Mo da yanrìn sí i, ó ga tó ìka ọwọ́ mẹ́ta. Mo to agolo tòmátò tí mo ti gé kúrú sórí rẹ̀, kí abọ́ kéèkì má baà fara kan yanrìn, nítorí ibi tó bá ti kàn án, ibẹ̀ ló máa jó. Mo bò ó, mo gbé ọmọ ọlọ lé ìdérí kí ooru má rí ọ̀nà jáde, mo sì tan gáàsì sí i. Nígbà tí mo ń po bọ́tà mọ́ ṣúgà, yanrìn ń gbóná. Ẹ kì í gbé kéèkì sínú ìkòkò tútù. Ẹ máa na ọwọ́ sókè ìdérí, bí ooru bá lé ọwọ́ yín padà, ó ti tó nìyẹn.

Mo gbé kéèkì sínú rẹ̀, mo rọ iná náà sílẹ̀ títí tó fi kù ṣín-ún, mo bò ó, mo dá ọmọ ọlọ padà sórí ìdérí. Òfin kan wà: ẹ má ṣí i. Bí ẹ bá ń ṣí i wò, ooru á jáde, àárín kéèkì á sì wọlé lọ bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn. Ìgbà tí òórùn rẹ̀ bá kún ilé ni ẹ óò tó ṣí i, ẹ ó fi igi ìgbálẹ̀ gún un láàárín wò. Bí igi bá jáde ní mímọ́, ó ti jinná. Mo kìlọ̀ fún ọmọ mi, mo kìlọ̀ fún ara mi. N kò kìlọ̀ fún màámi, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Mo bọ́ síta láti ká aṣọ tí mo sá. N kò tíì ká a dé ìdajì tí mo gbọ́ agogo. Agogo ọwọ́ màámi, èyí tí wọ́n ń lù tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Ilé ìdáná ni ìró rẹ̀ ti ń wá. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn wọn.

“Ohunkóhun tó ń wú nínú yanrìn, mo ní kó rọlẹ̀! Lórúkọ Jésù, rọlẹ̀!”

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ṣààà!

Mo ju aṣọ nù. Nígbà tí mo dé ilé ìdáná, n kò rí màámi nínú èéfín. Èéfín funfun kún ibẹ̀, agogo ń dún nínú rẹ̀, ọmọbìnrin mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pàtẹ́wọ́ pé àmín. Ọmọ ọlọ wà nílẹ̀. Ìdérí wà nílẹ̀. Màámi gbé ìgò omi àdúrà dání, omi inú rẹ̀ ti kù díẹ̀, èyí tó kù wà nínú yanrìn mi, ó ń hó yéè.

“Màámi! Kéèkì ni!”

“Kí ni?”

“Kéèkì ni, màámi! Kéèkì tiyín ni! Kéèkì ọjọ́ ìbí!”

Agogo dákẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo inú ìkòkò. Kéèkì náà ti gbọ́ àṣẹ wọn, ó ti rọlẹ̀. Mo yára bò ó padà, mo gbé ọmọ ọlọ lé e, mo sì dúró tì í bí ọlọ́pàá. Ẹkún fẹ́ máa bọ̀ lójú mi, inú sì tún ń bí mi, n kò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe.

“Ìyàwó,” wọ́n ní, ohùn wọn ti kéré, “mo ṣí i, mo rí ohun kan tó ń wú lórí yanrìn. O ti ń fọ yanrìn kiri láti ìjẹta. Kí lo fẹ́ kí n rò?”

Bí ẹlòmíràn bá sọ fún mi pé ìyàwó kan ń yan yanrìn, èmi náà á wá agogo.

Mo dúró ti ìkòkò yẹn, mo dúró títí. Omi inú yanrìn ni kò jẹ́ kó jinná. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, yanrìn kò ní gbóná kọjá ibi tí omi ti ń hó, gbogbo agbára gáàsì, omi náà ló ń gbẹ. Kéèkì mi kò rí yíyan mọ́, ó wà níbẹ̀ ó ń gba èéfín bí mọ́ín-mọ́ín. Mo ń gbọ́ tí omi ń kán láti ara ìdérí sórí rẹ̀, tó, tó, tó. Nígbà tí igi ìgbálẹ̀ jáde ní mímọ́, gáàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọkọ mi sì ti dé láti Àlàbá.

Ẹ kò rí kéèkì yẹn. Àárín rẹ̀ wọlé. Orí rẹ̀ funfun, ó rin gbingbin, omi tó kán sí i sì ti dá ojú àpá sí i lára. Kò ní èèpo pípọ́n kankan, èyí tí mo máa ń fi yangàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ bẹ̀tẹ̀. Ọkọ mi wò ó, ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì hùwà ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo tí mo rántí pé ó hù lọ́sẹ̀ náà: kò sọ̀rọ̀.

“Màá lọ ra búrẹ́dì,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ ká fi búrẹ́dì ṣe é.”

“Búrẹ́dì kẹ̀?” Màámi ni. “Ṣé kéèkì mi ni o fẹ́ dà nù? Gé e fún mi.”

Mo gé e. Gbogbo wa jókòó sí pálọ̀, ọmọbìnrin mi kọ orin ọjọ́ ìbí, kò sẹ́ni tó bá a kọ ọ́ débi tó dára nítorí pé ẹnu màámi ni gbogbo wa ń wò. Wọ́n gbàdúrà sí i, kúkúrú. Wọ́n bu díẹ̀ sẹ́nu. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu, wọ́n gbé e mì. Wọ́n bu òmíràn. Nígbà tí ti inú abọ́ tán, wọ́n na abọ́ sí mi.

“Fún mi sí i.”

Mo fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún na abọ́. Ayọ̀ tó wà nínú mi kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Màámi, ẹ ò jẹ adìyẹ mi, ẹ ò jẹ ẹja mi, ẹ ò jẹ dòdò. Kéèkì tó bàjẹ́ lẹ wá ń jẹ?”

Wọ́n wo ọkọ mi, wọ́n wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú etí ìborùn kúrò lẹ́nu, wọ́n ya ẹnu. Eyín iwájú wọn kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lókè. Ti ìsàlẹ̀ ti lọ.

“Eyín wo ni mo fẹ́ fi jẹ adìyẹ tí o dín bí awọ bàtà? Ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń bọ́. Mo ń se iṣu tèmi lẹ́yìnkùlé, mo ń tẹ̀ ẹ́ kó lè rọ̀. Ṣé kí n wá máa sọ fún ìyàwó ọmọ mi pé mo ti padà di ọmọ ọwọ́ ni?”

“Màámi,” ọkọ mi ní, “ẹ kò sọ fún mi.”

“Ìwọ tí ò ń tún ẹ̀rọ ṣe, ṣé o lè tún eyín ṣe?”

Ilé kún fún ẹ̀rín. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín tí mo sì ń sunkún pọ̀, ìyẹn kò sì yé ọmọ mi títí di òní. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń rìn nínú igbó, n kò sì bi wọ́n léèrè, mo ń bá kànìnkànìn jà. Kéèkì ìyókù, màámi nìkan ló jẹ ẹ́ tán. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń se ọbẹ̀ ẹran tó rọ̀, mo sì ń lọ ẹja mọ́ èfọ́ fún wọn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní pálọ̀, wọ́n kọjú sí wa. Ìkòkò kékeré wọn kò rí iná mọ́ títí wọ́n fi padà sílé.

Iná ti padà sí àdúgbò wa díẹ̀díẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọkọ mi kó àwo àti bàtà ọmọ lángidi kúrò nínú ófìnì, ó fi í sí iná, ó sì gbóná lóòótọ́. Inú rẹ̀ ni mo ti ń yan ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbà tí iná bá wà. Ṣùgbọ́n tí màámi bá pè pé àwọn ń retí kéèkì, ìkòkò dúdú ni mo ń gbé kalẹ̀. Màá da yanrìn sí i, màá gbé kéèkì sínú rẹ̀, tó bá sì ti wú tán, màá ṣí ìdérí lòdì sí òfin mi, màá rọra da omi sí etí yanrìn.

Wọ́n máa ń béèrè lórí fóònù: “Ìyàwó mi, ṣé o ti da omi sí i?”

“Mo ti dà á, màámi.”

“Ó dáa. Gbé fóònù sún mọ́ ọn.”

Màá gbé e sún mọ́ ọn, wọn á sì gbàdúrà sí i.